Ọ̀nà àbájáde ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ

“Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin àgbà, ìwé àdéhùn ṣọ́ọ̀bù tí lọ́yà onílé fi ránṣẹ́ sí mi ní Pẹ́kámù gùn gan-an. Ẹ̀gbọ́n mi tí a jọ fẹ́ dáwó ní kí n kó kókó rẹ̀ sójú ìwé kan. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?”

Ẹ fi owó ilé sílẹ̀ ná. Ibi tí wọ́n ti sọ bí ẹ ṣe lè jáde kí ọdún tó pé ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí. Èmi náà ní ṣọ́ọ̀bù irun ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, ibẹ̀ sì ni gbogbo ìyókù ti ń pàdé.

Ká ní ọdún 10 ni, láti 1 Oṣù Kọkànlá 2026, tí ẹ lè jáde ní 31 Oṣù Kẹwàá 2031 bí ẹ bá fún onílé ní ìwé pé ẹ ń lọ, ó kéré tán oṣù 6 ṣáájú. Ìwé yẹn gbọ́dọ̀ ti dé ọwọ́ rẹ̀ kí Oṣù Kẹrin tó parí. Bó bá fi ọjọ́ kan pẹ́, ó tán nìyẹn. Ti àtúnyẹ̀wò owó ilé kò le tó bẹ́ẹ̀: onílé sábà máa ń lè pẹ́ kó ṣì béèrè, àfi bí ìwé àdéhùn bá sọ pé kò gbọ́dọ̀ pẹ́. Bó bá jẹ́ 1 Oṣù Kọkànlá 2031 ni àtúnyẹ̀wò náà, ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé ẹ lè má tíì mọ owó tuntun nígbà tí ẹ ó pinnu. Ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú bó bá jẹ́ pé ó lè lọ sókè nìkan.

Lẹ́yìn náà, kí ni wọ́n ní kí ẹ ṣe kí àyè ìjáde náà tó ṣiṣẹ́? Bí wọ́n bá kọ “gbogbo owó tó yẹ”, owó ìtọ́jú ilé tí gbogbo ayálégbé jọ ń san wà níbẹ̀. Nígbà tí èmi fẹ́ kó jáde, àṣẹ́kù owó yẹn ni aṣojú onílé gbé dé lóṣù tó kẹ́yìn. Mo san án, mo sì kọ̀wé pé mi ò gbà pé mo jẹ ẹ́. Ẹjọ́ rẹ̀ lè dúró, ọjọ́ ìjáde kò lè dúró. Bí kò bá sí iye tí owó yìí kò gbọ́dọ̀ kọjá lọ́dún, ẹ fi ìlà pupa sábẹ́ rẹ̀.

Bí owó ilé bá jẹ́ £24,000 lọ́dún, tí ẹ ń san án ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, £6,000 ni ẹ ó san ní 29 Oṣù Kẹsàn-án, títí dé 24 Oṣù Kejìlá, bẹ́ẹ̀ ìparí Oṣù Kẹwàá lẹ ń lọ. Ẹ san án pé. Ní 2015, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbí kò dá owó ọjọ́ tó kù lẹ́yìn ìjáde padà fún Marks and Spencer, torí ìwé àdéhùn wọn kò sọ bẹ́ẹ̀. Kí ti yín sọ ọ́.

Ti àtúnṣe ni mo bẹ̀rù jù. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé kí ẹ tún un ṣe kí ẹ sì máa tọ́jú rẹ̀, ògiri tó ti sán kí ẹ tó dé ti di ti yín, àfi bí ìwé náà bá sọ pé ẹ kò ní tún un ṣe ju bó ṣe wà nínú àkọsílẹ̀ àti fọ́tò ìgbà tí ẹ gbà á lọ. Bí wọ́n bá tún so ìjáde yín mọ́ àtúnṣe, ẹ ní kí lọ́yà yín yọ ọ́, torí ìṣó kan tó yẹ̀ lè di àríyànjiyàn.

Kí ẹ kọ nọ́ńbà ìpínrọ̀ síwájú ìlà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ̀gbọ́n yín lè ṣí i wò fúnra wọn.