Òsúkè: ṣé lóòótọ́ lẹni tó jí ẹran jẹ ló ń mú?

"Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́. Tí òsúkè bá mú mi nídìí oúnjẹ, ìyá wa á ní 'o ti jí ẹran jẹ'. Kí ni wọ́n ní lọ́kàn gan-an, kí ló sì dé tó jẹ́ pé tí mo bá jẹ ata tàbí mo jẹun wàràwàrà ló máa ń dé?"

Ẹ̀sùn yẹn ò burú tó bẹ́ ẹ ṣe rò o. Ṣé ẹni tó jí ẹran nínú ìkòkò á dúró rún un ni? Á gbé e mì kí wọ́n tó wọlé bá a. Wàràwàrà yẹn lèmi rò pé àwọn àgbà ń tọ́ka sí.

Iṣan kan wà láàárín àyà àti ikùn, ó tẹ́ pẹrẹsẹ ṣùgbọ́n ó yọrí sókè bí igbá tí wọ́n dojú ẹ̀ dé, dìáfúrámù làwọn dókítà ń pè é. Tá a bá ń mí sínú ó máa ń sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ẹ̀dọ̀fóró á ráyè, afẹ́fẹ́ á wọlé. Ti òsúkè ò rí bẹ́ẹ̀, ńṣe ló máa fún pọ̀ lójijì láì gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnì kankan, afẹ́fẹ́ á ya wọlé, kó sì tó pé ìdá kan nínú ogún ìṣẹ́jú àáyá, ẹnu ọ̀nà ohùn lọ́fun á ti pa dé gbà. Pípa dé yẹn lẹ ń gbọ́ tó ń dún "hìkì".

Àpò oúnjẹ wà lábẹ́ dìáfúrámù yìí lápá òsì, ọ̀nà ọ̀fun tí oúnjẹ ń gbà sì gba inú ihò kan lára ẹ̀ kọjá. Ẹni tó ń sáré jẹun ń gbé afẹ́fẹ́ mì mọ́ òkèlè, àpò oúnjẹ á wú, á máa ti iṣan yẹn láti ìsàlẹ̀. Ata ní tiẹ̀ á ta ọ̀nà ọ̀fun, okùn tín-ín-rín tó ń jíṣẹ́ fún ọpọlọ á gbé e lọ, òmíràn á gba ọrùn sọ̀ kalẹ̀ wá sọ fún dìáfúrámù pé kó fún pọ̀.

Àbúrò mi kan ti ọjà Wàǹdó dé lọ́jọ́ kan, ebi ti lù ú pa, ó jẹ ẹ̀kọ àti ata díndín olójú pupa yẹn, kò lò tó ìṣẹ́jú márùn-ún, ó tún da kóòkù tútù lé e, gáàsì inú ẹ̀ náà tún fẹ ikùn sí i. Hìkì, hìkì! Ìyá wa jágbe mọ́ ọn pé "ta ló jẹ ẹja mi?" Ẹnu yà á, ó mí kanlẹ̀, ó dá èémí dúró kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í búra, òsúkè sì lọ. Ẹ rí i, téèyàn bá dá èémí dúró, afẹ́fẹ́ tó yẹ ká mí síta á pọ̀ lára, ìyẹn sì máa ń pẹ̀tù sí iṣan náà.

Àmọ́ tó bá kọjá wákàtí 48, kì í ṣọ̀rọ̀ ata mọ́, ẹ lọ rí dókítà. Ti ọmọ ọwọ́ tí wọ́n ń fi òwú tútù lé níwájú orí, ó máa lọ fúnra ẹ̀, kódà wọ́n máa ń súkè látinú oyún.

Àbúrò mi náà tún ṣe é lọ́sẹ̀ kejì, ìyá tún pariwo ẹja, ẹ̀rín ló bú sí, òsúkè ò sì kúrò.