Nọ́ńbà ní ẹni náà ni, olùdarí ní òun kò dá a mọ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Òṣèré wa kan fọwọ́ sí i pé ká gbé ojú òun sórí ẹni tó fò láti orí òrùlé dípò òun nínú eré. inswapper_128 ni mo fi ṣe é. Mo wá fi ArcFace tó wà nínú buffalo_l wọn èsì náà mọ́ fọ́tò òṣèré yìí, ìjọra wọn jẹ́ 0.83. Àmọ́ olùdarí wa wò ó, ó ní ẹlòmíì lòun ń wò. Èwo ni kí n gbà gbọ́?

Ìdáhùn: Ti olùdarí ni kí ẹ ṣì gbà ná. Kì í ṣe pé nọ́ńbà yín parọ́, ohun tí ẹ bi í ló ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. inswapper kì í wo fọ́tò òṣèré yín fúnra rẹ̀. Ọ̀wọ́ nọ́ńbà 512 tí ArcFace fà yọ látinú fọ́tò náà ni wọ́n ń gbé fún un, òun ló sì fi ń ya ojú tuntun. Ẹ wá padà lọ gbé ArcFace kan náà láti fi wọn èsì. Ó dà bí olùkọ́ tó fi ìdáhùn han akẹ́kọ̀ọ́, tó sì tún fi ìbéèrè yẹn gan-an dán an wò. Máàkì á pọ̀, àmọ́ ẹ ò tíì mọ̀ bóyá ọmọ náà mọ̀wé.

Ọ̀nà kan wà tí ẹ lè fi rí i pẹ̀lú ojú ara yín. Ẹ mú fọ́tò gidi méjì tí òṣèré náà yà ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ wọn ọ̀kan mọ́ èkejì. Bí àwọn yẹn bá fún yín ní 0.65, tí ojú tí ẹ̀rọ yà wá gba 0.83, ẹ fura. Ayédèrú kò lè jọ èèyàn ju bí èèyàn ṣe jọ ara rẹ̀ lọ. Fọ́tò kan ṣoṣo tí ẹ fún un ló ń jọ.

Nítorí náà, ohun méjì ni kí ẹ yí padà: kí ohun tí ẹ fi ń wọn ojú jẹ́ òmíràn tí kò bá inswapper tan, kí fọ́tò tí ẹ ó fi wọ̀n ọ́n sì jẹ́ èyí tí ẹ kò lò láti fi pààrọ̀ ojú. dlib ni mo sábà máa ń mú, face_recognition ni mo sì fi ń pè é, torí kò ṣòro láti gbé kalẹ̀:

```python
import face_recognition as fr

def oju(f):
    return fr.face_encodings(fr.load_image_file(f))[0]

print(fr.face_distance([oju("oloju.jpg")], oju("esi.png"))[0])
```

Bí `IndexError` bá yọ, kò rí ojú kankan nínú àwòrán náà nìyẹn. Ẹ kíyè sí i pé àlàfo ni nọ́ńbà tó ń jáde níbí, kì í ṣe ìjọra. Bó bá ṣe kéré tó ni ojú méjèèjì ṣe súnmọ́ra tó.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ló kàn. Wọ́n á ní 0.6 ni ààlà tí dlib ń lò, èsì wa sì wà lábẹ́ rẹ̀, ó ti parí. Ààlà yẹn kàn ń sọ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹnì kan náà ni. Kò sọ bí ẹ ti rìn jìnnà tó. Láti mọ ìyẹn, ẹ nílò ìpìlẹ̀ àti òkè fún àwọn èèyàn méjì yìí gan-an. Ẹ jẹ́ ká pe ẹni tí a yá ojú rẹ̀ ní olójú, ká pe ẹni tí a gbé e lé lórí ní alára.

Ẹ kó fọ́tò olójú mẹ́wàá jọ, kí ẹ wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ èyí tó kù. Ìyẹn á fún yín ní nọ́ńbà 45. Ká ní èyí tó wà láàárín wọn jẹ́ 0.38, òkè yín nìyẹn, kò sí èsì tó gbọ́dọ̀ dára jù ú lọ. Ẹ wá wọn alára, bó ṣe wà kí ẹ tó pààrọ̀ ojú, mọ́ fọ́tò olójú. Ká ní 0.66 ló jáde, ìpìlẹ̀ yín nìyẹn. Wàyí o, èsì yín mọ́ olójú jẹ́ 0.52. Ó wà lábẹ́ 0.6 lóòótọ́, àmọ́ láti 0.66 sí 0.38 jẹ́ 0.28, ẹ sì ti rin 0.14 péré nínú rẹ̀. Ìdajì ọ̀nà lẹ wà. Ẹ tún wọn èsì mọ́ alára. Bó bá mú 0.49 wá, èsì yín ṣì súnmọ́ alára ju olójú lọ, ohun tí olùdarí sì ń rí nìyẹn láì mọ nọ́ńbà kankan. Ìwọ̀n ìkẹyìn yìí ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé jù, bẹ́ẹ̀ òun ni mo máa ń kọ́kọ́ wò.

Ìpìlẹ̀ tiyín ni kí ẹ wá, kì í ṣe èyí tí ẹ kà níbì kan. Àyẹ̀wò tí àjọ NIST ti Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2019 fi hàn pé ọ̀pọ̀ irú ètò báyìí máa ń ka àjèjì méjì sí ẹnì kan náà láàárín àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn àti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà àti Ìlà-Oòrùn Éṣíà ju bó ti rí láàárín àwọn ará Yúróòpù lọ. Èèyàn méjì tí kò bára tan lè wà lábẹ́ 0.6 kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Torí pé fídíò ni tiyín, ẹ wọn fírémù kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí ẹ pín in dọ́gba, torí fírémù díẹ̀ tí ojú ti yí padà di ti alára ló máa ń gún òǹwòran lójú, ìpíndọ́gba á sì bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ẹ wo nọ́ńbà àárín, kí ẹ sì wo ìdá mẹ́wàá tó burú jù. Àmọ́ nínú ìfò, orí á yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, àwòrán á sì máa sáré. Níbẹ̀, àlàfo olójú gidi náà á fẹ̀. Fídíò olójú tó kọ ẹ̀gbẹ́ sí kámẹ́rà ni kí ẹ fi wọn irú fírémù bẹ́ẹ̀, kì í ṣe fọ́tò tó kọjú síwájú.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, nọ́ńbà lè dára kí olùdarí ṣì máa mi orí. ArcFace máa ń gé ojú sí piksẹ́ẹ̀lì 112 ní ìbú àti ní òró, ojú méjèèjì, ṣóńṣó imú àti igun ẹnu méjèèjì ló sì fi ń tò ó. Irun ń dànù, etí ń dànù, bí orí ṣe rí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ hàn. inswapper náà, àárín ojú ló ń yà. Àgbọ̀n àti ìbú orí ṣì jẹ́ ti alára. Ojúlùmọ̀ sì máa ń fi ìrísí orí dáni mọ̀ kó tó rí imú.

Ẹ gé fírémù kan kó ku àárín ojú nìkan, láti ìpéǹpéjú dé ìsàlẹ̀ ètè, kí ẹ fi han olùdarí. Bó bá dá a mọ̀ báyìí, irun àti orí alára ló ń dà yín láàmú, wíìgì tàbí alára mìíràn ló máa tún un ṣe. Bí kò bá dá a mọ̀ síbẹ̀, ojú tí ẹ yà gan-an ni, ẹ padà lọ wá fọ́tò olójú tó dára ju èyí tí ẹ lò lọ, kí ẹ tún un wọ̀n láti ìpìlẹ̀.