Páàdì, támpọ̀ọ̀nù tàbí ife: èwo ni kí ọmọ mi gbé lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́?

Ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ọmọbìnrin mi pé ọdún 14, Lọ́ńdọ̀nù la bí i sí. Ọ̀sẹ̀ 4 ló fẹ́ lò lọ́dọ̀ ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ nínú oṣù Kẹjọ, iṣẹ́ ò sì ní jẹ́ kí ìyá rẹ̀ bá a lọ. Támpọ̀ọ̀nù ló máa ń lò nítorí pé ó fẹ́ràn kó máa lúwẹ̀ẹ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tún ní kó ra ife rọ́bà tí wọ́n ń fi gba nǹkan oṣù. Ìyá mi ní páàdì nìkan lòun fẹ́ rí, pé támpọ̀ọ̀nù á ba ìbálé ọmọ jẹ́. Èmi náà gbọ́ pé ó lè pa èèyàn. Èwo ni kó gbé lọ?

Bàbá Ìyanu, ẹ kú àníyàn ọmọ o. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ lèmi náà, ilé wa ò jìnnà sí Tákíé, Mánṣẹ́sítà ni mò ń gbé. Kí n tètè dáhùn: páàdì ni kó gbé lọ, kó mú èyí tó máa tó o lo fún oṣù méjì. Tó bá mọ̀ pé òun máa lúwẹ̀ẹ́, kó mú támpọ̀ọ̀nù díẹ̀, èyí tó kéré jù nínú wọn. Ife ní tirẹ̀, tí kò bá tíì lò ó rí, kó fi í sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti Màmá.

Ọmọ tèmi jẹ́ ọmọ ọdún 15 nígbà tá a lọ sílé fún ìgbéyàwó àbúrò ọkọ mi. Ọjọ́rú la balẹ̀ sí Èkó, Ọjọ́bọ̀ la wọ Ògbómọ̀ṣọ́. Lọ́jọ́ Ẹtì, nǹkan oṣù rẹ̀ dé. Léèsì funfun la rán fún un, ẹ̀rù sì ń bà á pé ẹ̀jẹ̀ á yí i, ló bá fi támpọ̀ọ̀nù tí wọ́n kọ súpà sí lára sínú láago mẹ́jọ àárọ̀ Sátidé. Ó jó títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó rẹ̀ ẹ́, ó sùn, kò yọ ọ́. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ló tó rántí. Ó yọ ọ́, ó sì fi òmíràn síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ ka wákàtí yẹn: ó lé ní 24.

Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú yẹn, ara rẹ̀ ń jó bí iná. Tẹmómítà ní 39.6. Ó ń bì, ó ń ṣu, ó ní gbogbo ẹran ara ń ro òun. Ìyá ọkọ mi ní, "Ibà ni, ẹ̀fọn ti rí ẹran tuntun." A tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi fúnra mi ni mo fún un ní oògùn ibà, ọkùnrin oníkẹ́míìsì kan sì wá gún un lábẹ́rẹ́. Nígbà tó fi di ìdájí, kò lè dìde jókòó mọ́ láìsọ pé òòyì ń kọ́ òun, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ tí kò lórí tí kò nídìí.

Àbúrò mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló gba ẹ̀mí ẹ̀ là, ìbéèrè méjì péré ló sì bi mí. "Ọjọ́ wo lẹ dé?" Mo ní Ọjọ́rú. Ó ní tí ẹ̀fọn bá jẹ èèyàn lónìí, ó kéré tán ó máa ń tó ọjọ́ 7 kí ibà tó yọ, àwa ò sì tíì lo ọjọ́ 5. Ó tún ní, "Ṣé nǹkan oṣù rẹ̀ ń lọ lọ́wọ́? Kí ló wà nínú rẹ̀?" Ẹnu mi wọ́. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ fà á jáde, ó dì í sínú ọ̀rá láti fi han dókítà, a sì gbé ọmọ lọ sí ọsibítù. Ìfúnpá rẹ̀ ti já sí 80 lórí 45. Wọ́n fa omi sí i lára láti ọwọ́ méjèèjì. Oríṣi oògùn apakòkòrò méjì ni wọ́n gba iṣan fún un, ọ̀kan ń pa kòkòrò náà, èkejì, kílíńdamáísìn, ń dá a lọ́wọ́ kọ́ kó má lè tú májèlé jáde mọ́. Ọjọ́ 8 la lò níbẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, awọ àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bó bí èèpo iṣu sísè. Dókítà ní ìyẹn gan-an ló fi òǹtẹ̀ lù ú: tọ́síìkì ṣọ́ọ̀kì.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Kòkòrò kan wà tí wọ́n ń pè ní sítáfílókọ́kọ́ọ̀sì, ó wà nínú imú àti lára awọ ọ̀pọ̀ wa, kì í sì í ṣe wá ní nǹkan kan. (Kì í ṣe "sítáfù" tí àwọn alágbo ń polówó lórí rédíò o, pé òun ló ń fa kí nǹkan máa rìn lára. Ẹ fi tiwọn sílẹ̀.) Àwọn kan nínú kòkòrò yìí lè tú májèlé jáde. Afẹ́fẹ́ kì í pọ̀ nínú ojú ara obìnrin, àmọ́ támpọ̀ọ̀nù máa ń gbé afẹ́fẹ́ wọlé, ẹ̀jẹ̀ á sì dúró sójú kan. Tí kòkòrò bá rí afẹ́fẹ́, ẹ̀jẹ̀, ooru àti àkókò, á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Tí májèlé náà bá wọnú ẹ̀jẹ̀, ara á gbaná jẹ, ìfúnpá á já, kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í daṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló ti ní ohun tó ń gbógun ti májèlé yìí nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Àwọn ọ̀dọ́ ni kò tíì ní in tó, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àwọn ọmọ bíi tiwa ló máa ń mú jù.

Ó ṣọ̀wọ́n gan-an, kí n má purọ́. Ẹgbàágbèje obìnrin ń lo támpọ̀ọ̀nù títí di ọjọ́ ogbó, nǹkan kan ò ṣe wọ́n. Ní nǹkan bí ọdún 1980 ni àìsàn náà gbòde ní Amẹ́ríkà, nígbà tí wọ́n ń ta àwọn támpọ̀ọ̀nù tí ń fa ẹ̀jẹ̀ kọjá ààlà. Nígbà tí wọ́n kó èyí tó burú jù kúrò lọ́jà, tí wọ́n sì ń kọ agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan sára páálí rẹ̀, ó dín kù. Ẹ wo páálí tí ọmọ yín ń lò. Níbi tí wọ́n bá ti kọ rẹ́gúlà, gíráàmù 6 sí 9 ni í fà, súpà ń fa 9 sí 12. Èyí tó kéré jù tó lè gba ẹ̀jẹ̀ ọjọ́ yẹn ni kó lò. Tó bá ń fà á jáde lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin, tó gbẹ, tó ń ta, a jẹ́ pé èyí tó lò tóbi jù fún un. Kó fọ ọwọ́ kó tó fi sí i àti lẹ́yìn tó bá yọ ọ́. Kó máa pààrọ̀ rẹ̀ ní wákàtí 4 sí 8, kó má kọjá 8 láé. Páàdì ni kó fi sùn, nítorí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ nínú bàálù lè sùn wákàtí 11 láìmọ̀. Tí ẹ̀jẹ̀ ò bá wá, kó má fi í sínú "bóyá á wá." Kó sì wò ó dáadáa pé òun yọ èyí tó gbẹ̀yìn nígbà tí nǹkan oṣù bá parí.

Ọ̀rọ̀ ife wá ńkọ́? Sílíkónì ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é. Kì í fa ẹ̀jẹ̀, ṣe ló ń gbà á, ó sì ń gbà ju támpọ̀ọ̀nù lọ. Èèyàn lè lo ẹyọ kan fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìyẹn wù mí. Àmọ́ ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé ife ò lè fa tọ́síìkì ṣọ́ọ̀kì, kò mọ̀ ni. Inú lòun náà ń gbé, òun náà ń gbé afẹ́fẹ́ wọlé, àwọn dókítà sì ti rí àwọn díẹ̀ tó mú. Ọ̀pọ̀ páálí ní ó lè dúró fún wákàtí 12. Èmi ò ní jẹ́ kí ọmọ mi kọjá 8. A ní láti sè é nínú omi tó ń hó fún nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún kí oṣù tó bẹ̀rẹ̀ àti nígbà tó bá parí, nínú ìkòkò tí a ò fi se nǹkan mìíràn. Ẹ rò ó wò: ọmọ ọdún 14 tí kò tíì mọ bí a ṣe ń fún ìdí ife kó tó fà á, kí ó má bàa lẹ̀ mọ́ inú, nínú bálùwẹ̀ tí omi ẹ̀rọ ò ti yọ láti àná, pẹ̀lú garawa omi kànga kan, tí àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ń kan ilẹ̀kùn. Kó kọ́ ọ nílé yín fún oṣù mẹ́ta mẹ́rin ná.

Páàdì kì í wọ inú, nítorí náà kò sí nínú ẹjọ́ yìí. Ohun tó lè fà kò ju kí itan yún un tàbí kó máa rùn lọ, tó bá pẹ́ lára. Kó máa pààrọ̀ rẹ̀ ní wákàtí 4 sí 6. Kó má jù ú sínú ṣalángá omi o, á dí i. Kó dì í, ká bá a sun ún lẹ́yìnkùlé, bí Màmá náà á ṣe fẹ́.

Ní ti ìbálé, ẹ bá Màmá sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́. Awọ tínínrín tó wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn ní ihò láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọmọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ibo lẹ̀jẹ̀ ìbá gbà jáde? Támpọ̀ọ̀nù lè nà án díẹ̀, àmọ́ kò sọ ọmọ di ẹni tó ti mọ ọkùnrin. Ẹ má bá Màmá jiyàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Páàdì tí òun fẹ́ náà lẹ ṣáà ń gbé lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí Màmá mọ̀ ju ti ìbálé lọ ni àmì rẹ̀: ara gbígbóná tó dé òjijì, tó ju 38.9 lọ, pẹ̀lú èébì tàbí ìgbẹ́ gbuuru, ara ríro, òòyì nígbà tó bá dìde, àti ọ̀rọ̀ tó ń dàrú. Ìwé àwọn òyìnbó á ní kí ẹ wo ara tó pọ́n bí ẹni tí oòrùn pa. Lára ọmọ tó dúdú bíi tiwa, ẹ lè má rí i. Ẹyinjú ni kí ẹ wò, inú ètè, ahọ́n àti àtẹ́lẹwọ́, bóyá wọ́n pọ́n ju ti tẹ́lẹ̀. Tó bá jẹ́ pé nǹkan oṣù ń lọ lọ́wọ́, tí nǹkan sì wà nínú, kó yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, ẹ má sì dúró di àárọ̀ ká tó lọ sí ọsibítù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún ibà náà, àmọ́ tí wọ́n bá rí ibà, ẹ ṣì sọ ọ́ fún dókítà ní ṣàkó pé ó lo támpọ̀ọ̀nù, ẹ dárúkọ tọ́síìkì ṣọ́ọ̀kì sí i létí. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ojú máa ń tì láti sọ ọ́ níwájú ìyá àgbà. Àbúrò mi ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé pélébé kan kí n fi sínú báàgì ọmọ, kó kàn nà án sí nọ́ọ̀sì.

Ọmọ mi ò gbọ́dọ̀ lo támpọ̀ọ̀nù tàbí ife mọ́, torí pé àìsàn náà lè padà wá bá ẹni tó ti ṣe rí. Tí nǹkan oṣù rẹ̀ bá bọ́ sí ọjọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ nílé ìwé, èmi ni mo máa ń kọ lẹ́tà.