Àwo áátì tí ẹnikẹ́ni ò gbé

"Ẹ jọ̀ọ́, mo rí orin kan nínú ìwé mímọ́ àwọn Síìkì. 'Ráàgì Dànásárì, Màhálà 1' ni wọ́n kọ sórí rẹ̀. Ta ló ń jẹ́ Màhálà? Kí sì ni ìlà àkọ́kọ́, 'Gàgánì mẹ̀ táàlù', ń wí?"

Màhálà kì í ṣe orúkọ èèyàn, ọ̀rẹ́ mi. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e ni kó o máa wò, òun ló ń sọ èwo nínú àwọn Gúrú, ìyẹn àwọn olùkọ́ àgbà ẹ̀sìn Síìkì, ló kọ orin náà: 1 ni Gúrú Nánákì, 5 ni Gúrú Ájánì tó kó ìwé náà jọ ní 1604. "Nánákì" ni àwọn Gúrú yòókù náà ń pe ara wọn nínú orin, torí náà orúkọ tó wà nísàlẹ̀ ò lè sọ ẹni tó kọ ọ́. Bàbá tó kọ́ wa lórin ní gúdúwárà, ilé ìjọsìn àwọn Síìkì, kan ní Lọ́ńdọ̀nù níbí kì í jẹ́ ká la ẹnu tí a ò bá tíì ka àkọlé sókè. Ó máa ń sú mi nígbà yẹn.

Dànásárì ni ráàgì, ìyẹn ìlànà ohùn tí a ó fi kọ orin náà: bí yóò ṣe gòkè, bí yóò ṣe sọ̀, ibi tí yóò ti sinmi. Ráàgì ni wọ́n fi to èyí tó pọ̀ jù nínú ìwé náà. Orin yìí wà lójú-ìwé 13, nínú àdúrà alẹ́ tí wọ́n ń pè ní Sóhílà, ó sì tún wà lójú-ìwé 663 láàárín àwọn Dànásárì ẹgbẹ́ rẹ̀. Ti 663 ní ọ̀rọ̀ kan lé lórí àkọlé: "Áátì". Ọ̀rọ̀ yẹn ni kọ́kọ́rọ́ ìlà àkọ́kọ́.

Nínú áátì, àwọn Híńdù á tan fìtílà sórí àwo, wọ́n á máa yí i po níwájú ère, tùràrí á máa rú, ẹlòmíràn á máa ju ìrùkẹ̀rẹ̀. Ìtàn àwọn Síìkì sọ pé ní tẹ́ńpìlì Jàgànátì ní Púrì, ní Íńdíà, ni Nánákì ti kọ orin yìí. Ó ní òfuurufú ni àwo, oòrùn àti òṣùpá ni fìtílà, àwọn ìràwọ̀ sì dà bí péálì tí a tò sínú rẹ̀. Nínú ìlà tó tẹ̀ lé e, afẹ́fẹ́ ló wá ń ju ìrùkẹ̀rẹ̀, gbogbo igbó sì di òdòdó.

"Mẹ̀" yẹn ni kó o ṣọ́ra fún. Létí ẹni tó gbọ́ Híńdì òde òní, ó ń dún bí "nínú", ni wọ́n á bá túmọ̀ rẹ̀ sí àwo kan tó wà lójú ọ̀run. Rárá o: òfuurufú fúnra rẹ̀ ni àwo. Bó bá jẹ́ àwo kan ló wà lókè, a ó ṣì máa wá ẹni tó gbé e, bẹ́ẹ̀ àlùfáà kankan ò sí nínú áátì yìí.

Lẹ́yìn náà, wá ibi tí wọ́n kọ "Ràháò" sí. Ègbè nìyẹn, ibẹ̀ sì ni ọkàn orin wà: "Irú áátì wo rèé, ìwọ tó ń fòpin sí àtúnwá!" Ohùn tí ẹnikẹ́ni ò lù ló ń dún bí ìlù níbẹ̀.

Tó o bá dé ojú-ìwé 694, áátì mìíràn wà nínú Dànásárì kan náà, àmọ́ Màhálà ò sí lórí rẹ̀. Orúkọ Ráfídáàsì oníṣẹ́ awọ, tí kì í ṣe Gúrú, lo máa rí. Nínú tirẹ̀, orúkọ Ọlọ́run ni fìtílà, òun náà ni òwú, òun náà ni epo.