Fífi òwú wọn ọ̀nà lórí máàpù: ẹ yẹ ìlà òṣùwọ̀n wò kí ẹ tó gbé rúlà

*Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fi òwú wọn ọ̀nà oko kan lórí máàpù 1:50,000, mo sì rí kìlómítà 9. Nígbà tí a rin ọ̀nà náà, ó ju 12 lọ. Ẹ jọ̀wọ́, níbo ni mo ti ṣìṣe?*

Kí ẹ tó dá òwú lẹ́bi, ẹ kọ́kọ́ yẹ bébà tí ẹ tẹ́ òwú náà lé wò: ṣé ojúlówó máàpù ni, àbí fótókọ́pì? Mo béèrè nítorí pé irú àṣìṣe yìí gan-an ni mo ṣe ní Òkè Ògùn, nígbà tí mo kó àwọn ọmọ kíláàsì mi tí ń kọ́ jọ́gíráfì jáde láti lọ rin ọ̀nà ẹsẹ̀ kan tí a ti kọ́kọ́ wọ̀n lórí máàpù ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́.

Máàpù tí ó wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà jẹ́ ẹ̀dà tí wọ́n sún kì láti ara bébà A3 sí A4, kí ó lè rọrùn láti pín fún àwọn ọmọ. Wọ́n kọ 1:50,000 sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbangba. Mo tẹ́ òwú tẹ̀lé gbogbo kọ́rọ́kọ́rọ́ ọ̀nà náà, mo nà án sórí rúlà, ó sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 18.4. Sẹ̀ǹtímítà kan lórí irú máàpù bẹ́ẹ̀ dúró fún 50,000 sẹ̀ǹtímítà lórí ilẹ̀, èyí tí í ṣe mítà 500, ìyẹn ààbọ̀ kìlómítà. Nítorí náà mo pín 18.4 sí méjì, mo rí kìlómítà 9.2, mo sì sọ fún àwọn ọmọ pé wákàtí méjì àti díẹ̀ yóò tó wa. Nígbà tí wákàtí mẹ́ta pé, omi ti tán nínú ìgò gbogbo wa, a kò sì tíì rí odò tí ọ̀nà náà parí sí.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kò le láti yé ni. Bí ẹ̀rọ bá sún bébà A3 kì sí A4, gbogbo ìlà tí ó wà lórí rẹ̀ yóò kúrú sí nǹkan bí 71 nínú ọgọ́rùn-ún gígùn rẹ̀ àtijọ́. Ọ̀nà kúrú, odò kúrú, ṣùgbọ́n nọ́ńbà 1:50,000 tí wọ́n kọ síbẹ̀ kò yí padà, nítorí pé ẹ̀rọ kò mọ ohun tí nọ́ńbà ń sọ. Ṣe ni ó kàn ń tẹ̀ ẹ́ jáde ní kékeré. Òṣùwọ̀n tí ó wà lórí ẹ̀dà tèmi nígbà náà kì í ṣe 1:50,000 mọ́, ó ti di nǹkan bí 1:70,700. Ìgbà tí mo padà sílé tí mo fi 0.707 pín 18.4 ni mo rí 26, ìyẹn gígùn tí òwú náà ì bá jẹ́ lórí ojúlówó máàpù, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ kìlómítà 13. Ẹ wo iye tiyín náà: 9 tí a bá fi 0.707 pín yóò fún yín ní 12.7. Ìdí nìyí tí mo fi ń fura sí bébà yín.

Ọ̀nà láti mọ̀ dájú kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ní ìsàlẹ̀ máàpù, nítòsí nọ́ńbà yẹn, ìlà gbọọrọ kan wà tí wọ́n pín sí wẹ́wẹ́, tí wọ́n kọ 0, 1, 2, 3 sí lórí. Ẹ fi rúlà wọn àyè tí ó wà láàrin 0 àti 1. Lórí ojúlówó 1:50,000, sẹ̀ǹtímítà 2 géérégé ni ó gbọ́dọ̀ jẹ́. Bí ó bá jẹ́ 1.4, a jẹ́ pé wọ́n ti sún máàpù yín kì bíi tèmi. Ìlà yìí ni mo gbẹ́kẹ̀ lé láti ọjọ́ náà wá, nítorí pé bí ẹ̀rọ bá ti ń sún ọ̀nà kì ni ó ń sún òun náà kì. Bí ẹ bá ń tẹ́ òwú lé ìlà òṣùwọ̀n dípò rúlà, ìṣirò kò sí mọ́, fótókọ́pì kò sì lè tàn yín jẹ.

Àmọ́ ìlà náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀, mo sì máa ń rí i lọ́wọ́ àwọn ọmọ mi lọ́dọọdún. Òdo kì í wà ní ìpẹ̀kun òsì. Wọ́n máa ń fi kìlómítà kan sí apá òsì òdo, wọ́n á sì pín in sí ọ̀nà mẹ́wàá, kí a lè ka mítà ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Ẹni tí ó bá fi orí òwú sí ìpẹ̀kun òsì, tí ó wá ka nọ́ńbà tí ìdí òwú dé lápá ọ̀tún, ti sọ kìlómítà kan nù. Bí ó ṣe yẹ ni pé kí ẹ fi ìdí òwú sórí nọ́ńbà odidi kan lápá ọ̀tún, kí orí rẹ̀ bọ́ sáàrin àwọn ìpín kékeré tí ó wà lósì òdo, kí ẹ wá ro méjèèjì pọ̀. Bí òwú bá gùn ju ìlà náà lọ, ẹ wọ̀n ọ́n ní ìdá-ìdá. Tèmi lo odidi ìlà kìlómítà 5 lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ku 3.

Ní ti òwú fúnra rẹ̀, òwú ìránṣọ lásán ni mo fẹ́. Wúlù máa ń nà bí a bá fà á, ọ̀rá sì máa ń ta kúrò ní kọ́nà tí a bá fi í sí. Mo máa ń fi omi díẹ̀ pa òwú lára, kí ó lè lẹ̀ mọ́ bébà. Ẹ tẹ̀lé àárín ọ̀nà, kí ẹ máa fi èékánná ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ní gbogbo ibi tí ó ti yà, nítorí pé ibi tí ọ̀nà ti ṣẹ́ kọ́ńdọ́ ni òwú ti máa ń gba àbùjá. Bíírò ni kí ẹ fi sàmì sí ibi tí ọ̀nà parí. Ẹ má ta kókó, nítorí pé kókó máa ń jẹ òwú. Lẹ́yìn náà, ẹ tún un wọ̀n láti ìpẹ̀kun kejì. Bí ìwọ̀n méjèèjì bá fi ju mílímítà 2 lọ síra wọn, ìyẹn mítà 100 lórí ojúlówó 1:50,000, òwú ti yẹ̀ níbì kan.

Òótọ́ ni pé ọ̀nà orí ilẹ̀ máa ń fi díẹ̀ gùn ju èyí tí òwú sọ lọ, nítorí pé ayamáàpù kò lè ya gbogbo kọ́rọ́ kéékèèké. Òkè náà ń dá tirẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ẹ má di ẹ̀bi rù ú: bí ọ̀nà bá gòkè mítà 300 láàrin kìlómítà kan lórí máàpù, tí ó sì ti ga gan-an, mítà 44 péré ni yóò fi lé e. Ìyẹn kò lè jẹ kìlómítà mẹ́ta tí ẹ ń wá.

Ẹ wọn àyè àárín 0 àti 1 yẹn kí ẹ sọ iye tí ẹ rí. Bí ó bá jẹ́ 2 géérégé, ẹ jọ̀wọ́ ẹ sọ irú òwú tí ẹ lò àti ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ kíkà lórí ìlà, kí a lè jọ wá ibòmíràn tí ó ti bàjẹ́.