Ìwé Ìránnilétí Mẹ́ta fún Ẹni Tó Jẹ Wá Lówó

Ìbéèrè: Asalaamu alaikun, Àlùfáà wa. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe ní Ṣómólú. Mo tẹ kàlẹ́ńdà fún ilé-ìwé aládàáni kan, ₦480,000, a sì jọ fàdéhùn sí ọgbọ̀n ọjọ́. Ọjọ́ ti kọjá, wọn ò san. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n kọ ìwé ìránnilétí mẹ́ta tí ọ̀kan ń le ju ọ̀kan lọ, kí n sì kọ ọ́ sínú ìkẹta pé ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún á máa gun orí owó náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn ará mọ́ṣáláṣí wa ní kí n dákẹ́, pé sùúrù ló yẹ Mùsùlùmí. Èwo ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Wa alaikumu salaamu, ọmọ mi. Àwọn tó ń fi sùúrù pa ẹ̀tọ́ ẹlòmíì ni màá kọ́kọ́ dá lóhùn. Ó wà nínú Bukhari àti Muslim pé ọkùnrin kan wá béèrè ràkúnmí tí Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) jẹ ẹ́, ó sì fi ọ̀rọ̀ líle béèrè. Àwọn sàábé fẹ́ kọlù ú. Ànábì ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, pé ẹni tó ni ẹ̀tọ́ ní ọ̀rọ̀ í sọ, ó sì ní kí wọ́n fún un ní ràkúnmí tó dáa ju tirẹ̀ lọ. Ṣé àwọn ará mọ́ṣáláṣí yín fẹ́ ní sùúrù ju Ànábì lọ ni?

Nítorí náà, kọ ìwé rẹ. Àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ ní ẹ̀sùn nínú. Kọ ọjọ́ tí o kó kàlẹ́ńdà fún wọn, iye owó, ọjọ́ tí àdéhùn pé, àti nọ́ńbà àkáǹtì rẹ. Gbà pé wọ́n gbàgbé ni.

Ìkejì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń kọ tí wọn kì í mọ iṣẹ́ tó wà fún. Béèrè lọ́wọ́ wọn gbangba: ṣé owó ni kò sí, àbí kí ló dé? Orí ìdáhùn wọn ni ìdájọ́ ìkẹta dúró lé. Súrà Bakara, ẹsẹ 280, pàṣẹ pé bí onígbèsè bá wà nínú ìnira, kí a fún un lásìkò títí ara yóò fi dẹ̀ ẹ́. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ìwé líle kò tọ́ sí wọn mọ́. Ẹ jọ jókòó, ẹ pín in sí díẹ̀díẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ wá ẹlẹ́rìí sí i. Àmọ́ lọ́dọ̀ àwa Màlíkí, ẹnu lásán kò tó fi jẹ́rìí àìní. Ilé-ìwé tó ti gba owó ọmọ, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra bọ́ọ̀sì, kò lè sọ fún ọ pé òun ò ní. Èyí tí kò rówó oṣù tíṣà san, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀.

Bí ó bá hàn pé wọ́n ní in, Ànábì ti sọ ọ́: fònídónìí-fọ̀ladọ́la ẹni tó ní, àbòsí ni. Nínú hádíìsì mìíràn tí Abu Dawud gbà wá, ó ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti sọ iyì rẹ̀ àti ìjìyà rẹ̀ di ẹ̀tọ́. Ibí ni àwọn ọ̀dọ́ wa ti ń ṣìnà, wọ́n á gbé fọ́tò onígbèsè sórí sítátọ́ọ̀sì Wásáàpù, wọ́n á ní hádíìsì ló sọ bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni! Sufyan ṣàlàyé rẹ̀, Bukhari sì gbà á wá: ti iyì ni pé kí o sọ fún un pé, "O ti fi owó mi falẹ̀," ti ìjìyà ni ẹ̀wọ̀n, adájọ́ ló sì ni ìyẹn. Èébú kò sí níbẹ̀, kò sì sí bíi ti àwọn ológò àtijọ́ tó ń jókòó ti onígbèsè lẹ́nu ọ̀nà.

Ohun tí ìwé ìkẹta rẹ máa sọ nìyẹn: wọ́n ti fi owó falẹ̀ láìní àwíjàre, ọjọ́ báyìí ni ìparí, lẹ́yìn rẹ̀ ilé-ẹjọ́ ni. Ní Èkó, kóòtù wà fún gbèsè tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ láti 2018, ìwé ìbéèrè owó ni ẹjọ́ ibẹ̀ sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Tọ́jú ẹ̀dà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ìdá márùn-ún yẹn ńkọ́? Ríbà ni, ríbà ayé àìmọ̀kan gan-an. Imaamu Malik gbà á wá nínú Muwatta láti ọ̀dọ̀ Zaid ọmọ Aslam pé bí ọjọ́ gbèsè bá pé, olówó á béèrè pé, "Ṣé wàá san ni, àbí wàá fi lé e?" ₦24,000 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tí ọ̀rẹ́ rẹ fẹ́ kí o kọ kò yàtọ̀ sí i, bó o tiẹ̀ pè é ní owó ìtanràn tàbí owó ọ́fíìsì. Àwọn onímọ̀ òde òní kan ní kí onígbèsè gbà láti san án fún àwọn aláìní dípò rẹ. Èyí tó gbajúmọ̀ nínú màsíhàbù wa ni pé adájọ́ kì í fipá gbà á, mi ò sì ní gbà ọ́ níyànjú pé kí o kọ ọ́.

Bí o bá fẹ́ kí wọ́n yára, dín in kù. Ọjọ́ ti pé, nítorí náà ìdínkù kò ní wàhálà: o lè kọ ọ́ pé bí ₦450,000 bá wọlé kó tó di Jímọ̀, o ti yọ̀ǹda ìyókù. Kò pọn dandan fún ọ o. Ka'b ọmọ Malik béèrè gbèsè rẹ̀ lọ́wọ́ Ibn Abi Hadrad nínú mọ́ṣáláṣí títí ohùn wọn fi ròkè. Ànábì ká aṣọ ilẹ̀kùn rẹ̀ sókè, ó júwe fún Ka'b pé kó yọ ìdajì. Ka'b gbà. Ànábì wá yíjú sí onígbèsè: "Dìde, kí o san án."