Ìparí rìbọ́nù iná ẹ́líídì kò mọ́lẹ̀ tó ìbẹ̀rẹ̀

"Ẹ jọ̀wọ́, mo so rìbọ́nù iná oní-fóltì 12 méjì pọ̀, mítà 10, yí àjà pálọ̀ mi ká ní Ọ̀fà, ṣùgbọ́n ìparí rẹ̀ ń ṣókùnkùn. Ibo ni mo sì ti lè gé èyí tó ṣẹ́kù?"

Ẹ kú iṣẹ́ o. Rìbọ́nù yín kò bàjẹ́. Bàbà inú rẹ̀ tín-ín-rín, gbogbo iná tó wà níwájú sì ń gba inú rẹ̀ kọjá, nítorí náà bí ó ṣe ń gùn sí i ni fóltì ń dínkù. Ẹ fi ẹ̀rọ tó ń wọn fóltì wọ̀n ọ́n nígbà tí ó bá ń tàn: bí ìbẹ̀rẹ̀ bá jẹ́ 12, tí ìparí sì jẹ́ 10, ohun tó fà á nìyẹn.

Ẹ tú oríkò wọn ká, kí wáyà tó nípọn ti ara pawà sọ́pláì lọ bá ìkọ̀ọ̀kan tààrà, + mọ́ +, − mọ́ −. Bí mítà kan bá ń jẹ wáàtì 14.4, mítà 10 yóò jẹ 144, ìyẹn ámpíà 12. Pawà sọ́pláì tó lè gbé ámpíà 15 ni kí ẹ rà, nítorí èmi kì í gba iye tí wọ́n kọ sára rẹ̀ gbọ́ pátápátá.

Ní ti gígé, ẹ pa iná ná, kí ẹ wá àmì sísọ́ọ̀sì, tó sábà máa ń wà lẹ́yìn iná mẹ́ta-mẹ́ta. Àárín ojú bàbà gan-an ni kí ẹ gé, kí ìdajì lè kù fún wáyà tí ẹ óò fi òjé jó mọ́ ọn. Bí ẹ bá ṣì í gé láàárín àmì méjì, iná mẹ́ta abala yẹn kò ní tàn mọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó ṣáájú rẹ̀ yóò ṣì máa tàn.